Ìrẹsì tó sùn sórí sítóòfù: ohun tí iná kò lè tún ṣe

Gbogbo wa la mọ àṣà yìí. Ìrẹsì kù lálẹ́, a dé e mọ́lẹ̀ lórí sítóòfù, a lọ sùn. Ilẹ̀ mọ́, a wọ́n omi díẹ̀ sí i, a gbé e kaná títí tí ooru fi ń rú túú, a bu ú fún àwọn ọmọ. Bí ẹnì kan bá jẹ ẹ́ tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ohun tí a máa ń sọ ni pé a kò jẹ́ kó gbóná tó. Ọ̀pọ̀ ọdún ìdáná fún èrò ti kọ́ mi pé ọ̀rọ̀ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìrẹsì lè gbóná débi pé kò ṣeé fi sẹ́nu, kó sì tún dá ènìyàn dùbúlẹ̀ kí wákàtí méjì tó pé. Ohun tó ń ṣeni léṣe nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun ẹlẹ́mìí, a kò sì lè fi iná pa ohun tí kò lẹ́mìí.

Bakitéríà kan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, Basílọ́ọ̀sì sírúsì lorúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, àtoko ló sì ti ń bá ìrẹsì bọ̀. Kò yọ ọ̀fadà sílẹ̀, kò yọ ìrẹsì inú àpò tó wá láti òkè òkun sílẹ̀. Bí ayé bá le fún un, bí omi bá gbẹ tàbí tí oúnjẹ kò sí, ó máa ń ká ara rẹ̀ jọ, á fi èèpo líle bora, á di kóró tín-ń-tín tí ojú lásán kò lè rí. Kóró yìí kì í jẹun, kì í bí sí i, ó kàn ń dúró de ìgbà tí nǹkan yóò rọ̀. Bí ẹ bá fọ ìrẹsì lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ó dín in kù, ṣùgbọ́n ẹ kò lè fọ gbogbo rẹ̀ kúrò.

Ẹ wá wo ohun tí sísè ń ṣe. Omi tó ń hó wà ní nǹkan bíi dígírì 100. (Dígírì Sẹ́lísíọ́ọ̀sì ni gbogbo òǹkà tí mo máa lò.) Fún ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ìrẹsì fi ń jinná, ooru yẹn ń pa bakitéríà tó wà láàyè nínú ìkòkò, ti Basílọ́ọ̀sì àti ti àwọn mìíràn pẹ̀lú. Àmọ́ díẹ̀ nínú àwọn kóró náà máa ń la iná já. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ooru yẹn gan-an ló ń ta wọ́n jí. Bí ìkòkò ṣe ń tutù, wọ́n á la èèpo wọn, wọ́n á tún di alààyè. Ibi tí wọ́n jí sí rèé: oúnjẹ wà, omi wà, iná sì ti kó gbogbo àwọn tó yẹ kó bá wọn du oúnjẹ lọ. Ó dà bí ẹni tí wọ́n lé gbogbo aládùúgbò rẹ̀ jáde, tí wọ́n wá fi kọ́kọ́rọ́ àká lé e lọ́wọ́.

Nǹkan bíi dígírì 10 sí 50 ni wọ́n ti ń gbèrú, 30 sí 37 ló sì wù wọ́n jù lọ. Ilé ìdáná wa lóru, ní Ìbàdàn tàbí Èkó, kò jìnnà sí ibẹ̀ rárá. Inú ìkòkò tí a dé tilẹ̀ tún máa ń gbóná ju yàrá lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò kan. Ká ní ìrẹsì funfun jinná ní aago mẹ́jọ alẹ́. Ìkòkò náà tóbi, a dé e, a fi í sílẹ̀ lórí sítóòfù tí a ti pa. Ó lè di aago mọ́kànlá kí àárín rẹ̀ tó tutù dé 50. Ká ní kóró mẹ́wàá péré ló la iná já nínú gíráàmù kọ̀ọ̀kan, èyí tí kò tó nǹkan. Ká tún fún wọn ní wákàtí kan láti jí, kí wọ́n sì nara. Láti aago méjìlá òru, ká ní wọ́n ń di ìlọ́po méjì ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, èyí tí kò ṣàjèjì sí wọn nínú ooru bẹ́ẹ̀. Mẹ́wàá á di ogún, ogún á di ogójì. Ní aago méjì òru wọ́n ti di 160, kò sẹ́ni tó máa bẹ̀rù ìyẹn. Ní aago méje àárọ̀ wọ́n ti pé ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá, wọ́n ti di 163,840 nínú gíráàmù kan. Bí wọ́n bá ti tó 100,000 nínú gíráàmù kan ni àwọn tó ń yẹ oúnjẹ wò ti ń kà á sí ewu. Bí a bá wá sùn gbàgbé, tó di aago mẹ́sàn-án ká tó gbé e kaná, wákàtí méjì péré yẹn ti sọ wọ́n di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún: 2,621,440.

Ẹ kíyè sí ibi tí ìpalára ti wáyé nínú ìṣírò yìí. Wákàtí àkọ́kọ́ kò ṣe nǹkan kan, àwọn wákàtí tó kẹ́yìn ló ṣe gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìrẹsì tó wà níta fún wákàtí kan kì í fi í ṣe ọmọ ìyá ìrẹsì tó wà níta fún mẹ́wàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo ènìyàn.

Ní aago méje tàbí mẹ́sàn-án, a gbé ìkòkò kaná. Bó bá gbóná dáadáa, bakitéríà tó ti jí wọ̀nyẹn yóò kú ní ti tòótọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń pọ̀ lóru ni àwọn kan nínú wọn ti ń pọ oró sínú ìrẹsì, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ti pọ̀ gan-an tí ààyè ń há fún wọn. Sẹ́rúláìdì ni wọ́n ń pe oró náà. Ẹni tó pa ejò lẹ́yìn tó ti bu ènìyàn ṣán kò tíì wo ẹni tí ejò bù ṣán sàn. Ibi tí ìtúngbóná dé dúró nìyẹn.

Kí ló dé tí iná kò fi lè ba oró yìí jẹ́? Ẹ ronú nípa ẹyin. Nígbà tí ẹyin bá dé inú omi gbígbóná, àwọn purotéènì inú rẹ̀, tó dà bí okùn gígùn tí a ká, á tú, wọ́n á lọ́ mọ́ra wọn, ẹyin á dì. Ọ̀pọ̀ oró bakitéríà jẹ́ purotéènì bẹ́ẹ̀, iná sì máa ń tú wọn. Sẹ́rúláìdì kì í ṣe okùn gígùn. Òrùka kékeré kan ni, ègé méjìlá ló so pọ̀ yípo, kò sí ìdí tàbí orí tí nǹkan fi lè bẹ̀rẹ̀ sí í tú u. Wọ́n ti gbé e sínú ooru dígírì 121 fún àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, kò bà jẹ́. Ìkòkò alátẹ̀ẹ́ tí a fi ń se ẹran líle kì í ju nǹkan bíi dígírì 121 náà lọ, ta ló sì máa fi wákàtí kan ààbọ̀ tún ìrẹsì gbóná? Ata ni mo máa ń fi ṣàpẹẹrẹ fún àwọn tó ń bá mi dáná: ẹ lè se ata rodo láti àárọ̀ dọ̀sán, yóò ṣì ta yín lẹ́nu. Oró yìí náà bẹ́ẹ̀. Maikirowéfù kò ràn án, dídín nínú òróró kò ràn án. Omi kíkan inú ikùn wa àti àwọn èròjà tí ikùn fi ń da oúnjẹ kò rí i tú pẹ̀lú.

Bó bá dé inú ikùn, ó máa ń ta iṣan kan tó so ikùn mọ́ ọpọlọ jí, ọpọlọ á sì pàṣẹ pé kí a bì. Ìdí nìyẹn tó fi ń yá. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí mẹ́fà ni inú á ti máa rú, èébì á sì tẹ̀ lé e. Ìrẹsì tí a jẹ ní aago mẹ́jọ àárọ̀ lè dá ìjàngbọ̀n sílẹ̀ kí aago mẹ́wàá tó lù. (Mo mọ̀ pé èyí ti mú kí wọ́n fura sí ìyá ọkọ nínú ilé kan àti òmíràn. Kí ẹ tó wá ẹni tó fi májèlé síbẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí ìrẹsì sùn.)

Bakitéríà yìí kan náà tún ní àìsàn kejì, òun ló sì máa ń da ọ̀rọ̀ rú. Èyí jẹ́ ìgbẹ́ gbuuru pẹ̀lú inú rírun, kì í sì í yára dé, wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́rìndínlógún ló máa ń gbà. Nínú èyí, bakitéríà tó wà láàyè ni ènìyàn gbé mì, inú ìfun ló ti ń ṣe oró tirẹ̀, purotéènì sì ni oró náà. Ooru dígírì 56 fún ìṣẹ́jú márùn-ún ti tó láti bà á jẹ́. Níbi ti ìgbẹ́ gbuuru yìí, ìtúngbóná ṣiṣẹ́ gan-an. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ pé iná ń tún gbogbo nǹkan ṣe ti rí ẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí pé ó jẹ́ òótọ́ lápá kan.

Àwọn tó máa ń sọ pé "láti kékeré la ti ń jẹ ẹ́, kò ṣe wá ní nǹkan kan" kò purọ́ náà. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀yà Basílọ́ọ̀sì sírúsì ló ń ṣe sẹ́rúláìdì, àwọn tó ń ṣe é kò pọ̀ láàárín wọn. Ọjọ́ tí ẹ̀yà yẹn bá kọ́ wọ inú ìkòkò yín, kò ní kéde ara rẹ̀. Ẹ kò ní gbóòórùn rẹ̀, ẹ kò sì ní tọ́ ọ wò nínú ìrẹsì. Ìrẹsì tó ti kan, tó ń yọ̀, tó ń rùn, a mọ̀ pé ìyẹn ti bà jẹ́, a ó dà á nù. Èyí tí mo ń sọ lè máa ta sánsán bí ìrẹsì ọjọ́ Sátidé.

Ní ìlú Lọ́ńdọ́nù ní 1971 ni ọ̀rọ̀ oró inú ìrẹsì ti kọ́kọ́ hàn gbangba. Àwọn tó jẹ ìrẹsì díndín ní àwọn ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ sí í bì ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Bí wọ́n ṣe ń ṣiṣẹ́ ló fà á. Wọ́n máa ń bọ ìrẹsì púpọ̀ sílẹ̀, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì fi òkìtì rẹ̀ sílẹ̀ níta kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Wọn kì í fẹ́ gbé e sí fìríìjì, nítorí pé ìrẹsì tó ti inú fìríìjì bọ̀ máa ń dì, kì í sì í já dáadáa nígbà tí wọ́n bá ń dà á pọ̀ mọ́ ẹyin nínú agbada. Tí oníbàárà bá dé, wọ́n á dín in fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Agbada náà gbóná gan-an, kò sì gba ẹnì kankan sílẹ̀. Alásè tó bá mọ bí ìrẹsì díndín ṣe yẹ kó rí yóò lóye ohun tí wọ́n ń wá: ìrẹsì gbígbẹ tí ọmọ rẹ̀ dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ lè rí èyí láìfi òkìtì sílẹ̀ sùn: ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sínú tíréè, ẹ fẹ́ ẹ tútù, ẹ gbé e sí fìríìjì láìdé e fún wákàtí díẹ̀, ẹ wá fi ọwọ́ tó mọ́ já a kí ẹ tó dín in.

Kì í ṣe ìrẹsì nìkan. Sùpàgẹ́tì àti àwọn oúnjẹ ìyẹ̀fun sísè mìíràn wà nínú rẹ̀. Ní Bẹ́líjíọ̀mù ní 2008, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ogún ọdún kan jẹ sùpàgẹ́tì tó ti wà lórí tábìlì ilé ìdáná fún ọjọ́ márùn-ún, ó sì fi maikirowéfù gbé e gbóná kó tó jẹ ẹ́. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ, inú rẹ̀ ń ru, ó sì bì fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Kò jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì. Irú èyí ṣọ̀wọ́n púpọ̀; ọ̀pọ̀ ló máa ń bì, tí ara wọn á sì balẹ̀ kí ọjọ́ kan tó pé. Ṣùgbọ́n bí oró náà bá pọ̀, ó lè ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Nítorí náà, ibi tí iṣẹ́ wà ni àárín ìgbà tí a pa iná àti ìgbà tí ìrẹsì tutù. Ohun méjì péré ló ń dáàbò bò ó: kó gbóná ju ohun tí bakitéríà lè fara dà lọ, tàbí kó tutù ju ohun tí wọ́n lè fi gbèrú lọ. Àárín méjèèjì ni ewu.

Bí a bá fẹ́ kó gbóná, kó má ṣe wálẹ̀ ju dígírì 63 lọ. Kúlà tí a rọ ìrẹsì sí bó ṣe ń hó lè mú un dúró síbẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, pàápàá bó bá kún dé ẹnu. Kúlà tó kún dé ìdajì, tí wọ́n ń ṣí tí wọ́n ń dé níbi àríyá, kì í pẹ́ kó tó di ibùsùn fún wọn. Tẹmómítà oúnjẹ ló dára jù láti fi mọ̀. Bí kò bá sí, mo máa ń wo ṣíbí irin tí a ti kì bọ àárín rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan: bí mo bá lè di etí tó wà nínú ìrẹsì mú láìjá a sílẹ̀, ìrẹsì náà ti wálẹ̀ jù. Àwọn tó máa ń fi kúlà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù sùn mọ́jú nítorí pé "ó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́", ìlọ́wọ́ọ́rọ́ yẹn gan-an ni bakitéríà ń fẹ́. Tòmátò inú jọ̀lọ́ọ̀fù ní ìkan díẹ̀, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò kan tó ohun tí a lè gbẹ́kẹ̀ lé.

Bí a bá fẹ́ kó tutù, kó yá. Ìwọ̀n tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé kalẹ̀ fún ilé oúnjẹ ni pé kí oúnjẹ kúrò ní 57 dé 21 láàárín wákàtí méjì, kó sì dé 5 kí wákàtí mẹ́fà tó pé lápapọ̀. Fún ìrẹsì, àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ń sọ pé kó wọ fìríìjì láàárín wákàtí kan bó bá ṣeé ṣe, kó má sì ju ọjọ́ kan lọ níbẹ̀. Ti Gẹ̀ẹ́sì ni mo máa ń tẹ̀ lé.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni ìkòkò ńlá. Ooru inú ìrẹsì tó ki kì í rí ọ̀nà jáde. Bí ìnípọn rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, ìgbà tó máa fi tutù yóò di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin. Gbígbé odidi ìkòkò sínú fìríìjì kò tán ìṣòro náà: ẹ̀gbẹ́ ìkòkò á tutù, àárín á wà ní ìlọ́wọ́ọ́rọ́ dìgbà tí ilẹ̀ fẹ́ mọ́, oúnjẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á sì gbóná. Ẹ bu ìrẹsì náà sínú tíréè fẹlẹfẹlẹ, kó má ga ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ, ìyẹn nǹkan bí ìka mẹ́ta tó dùbúlẹ̀ lórí ara wọn. Ẹ gbé tíréè sórí omi tútù tàbí yìnyín, ẹ fi fáànù sí i, ẹ máa fi ṣíbí tó mọ́ yí i. Láàárín ogójì ìṣẹ́jú sí wákàtí kan, ọ̀pọ̀ tíréè á ti tutù tó láti wọ fìríìjì. Ẹ má dé e pa nígbà tó ṣì ń ru ooru, nítorí pé ọmọrí ń dí ooru mọ́nú.

Iná mànàmáná wá ńkọ́? Fìríìjì tí a kò ṣí máa ń di òtútù mú fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn tí iná bá lọ. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ìrẹsì kò sì tutù mọ́ bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ dà á nù. Mo mọ̀ pé ó dunni, pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta ìrẹsì báyìí. Ohun tó dín in kù fún èmi ni kí n má se ju ohun tí a ó jẹ lọ, kí n sì gbé ìyókù sí fírísà lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ní ìdì kéékèèké tí a lè mú ọ̀kan jáde lẹ́ẹ̀kan. Ẹ rántí pé fírísà ń dá bakitéríà dúró ni, kì í mú oró tó ti wà nínú ìrẹsì kúrò. Ìrẹsì tó ti sùn síta kí ẹ tó rántí rẹ̀, dídì kò tún un ṣe.

Èyí tó ti tutù lákòókò, tó sì wà ní fìríìjì láti alẹ́, ẹ lè gbé e gbóná lẹ́ẹ̀kan, kó gbóná délẹ̀ dé àárín, ó kéré tán 75, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán. Ẹ má dá ìyókù padà síbẹ̀.

Bó bá ti ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Oògùn apakòkòrò kò wúlò fún èébì yìí, nítorí pé oró ni, kì í ṣe bakitéríà tó ń gbé lára. Epo pupa kò sọ ọ́ di asán, ó sì lè mú kí èébì náà le. Omi tó ń jáde ni kí a dá padà: lítà kan omi tó mọ́, ṣíbí ìpotíì ṣúgà mẹ́fà tó tẹ́jú, ìdajì ṣíbí ìpotíì iyọ̀, kí a máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ọmọdé tí kò tọ̀ mọ́, ẹni tí kò lè gbé omi mì, ẹni tó ń sùn lọ tàbí tí ojú rẹ̀ ń pọ́n bí ẹni tó ní ibà pọ́njúpọ́njú, ilé ìwòsàn ló kàn láìdúró. Ohun tó máa ran dókítà lọ́wọ́ jù ni aago méjì: aago tí ẹ jẹ ẹ́, àti aago tí ẹ ti pa iná lábẹ́ ìkòkò.